Kúbwà Lè Dúró Ná

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń ta àmàlà ní Gáríkì nílùú Àbújá, mú mi lọ sí Kúbwà láti wo ṣọ́ọ̀bù kan. Ilẹ̀ rẹ̀ ti ní táìsì, ibi ìdáná wà lẹ́yìn, àyè wà níwájú tí mọ́tò mẹ́rin lè dúró sí. Éjẹ́ǹtì tó mú wa wọlé sọ pé ẹlòmíì ti ṣe tán láti san owó lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ìwọ lo mọ ìṣirò. Ṣé kí n san án, àbí kí n má san án?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n san án. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní Gáríkì láago kan ọ̀sán, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, á mọ ìdí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á ti tò láti iwájú ìkòkò dé ẹnu ọ̀nà, àwọn awakọ̀ á fara ti ògiri, àwọn tí ọ̀gá wọn rán níṣẹ́ á gbé kúlà dání. Èlùbọ́ Ṣakí ni wọ́n ń lò, ewédú wọn máa ń fà dáadáa, àwọn Hausa àti Ìgbò tí kò mọ àmàlà tẹ́lẹ̀ ti di oníbàárà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Tí ojú bá ń rí irú èrò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọkàn á máa sọ pé ibì kan ò tó mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò ní Kúbwà, mo bi wọ́n pé èló ni ṣọ́ọ̀bù Gáríkì jẹ lérè ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ò jẹ́ kójú tì wá." Mo tún un bi. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ₦600,000, ó sì lè tó ₦1,000,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ju owó ilé oṣù méjì lọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí a dúró sí yẹn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sọ fún éjẹ́ǹtì pé tí ẹlòmíì bá san án, kó gbà á.

Ìwé alápatà

Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń mọ̀ pé èrè wà ni pé owó kò tán lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì burú tó bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ ẹyọ kan tí olówó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ nínú owó kan náà ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti ń jáde. Nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń san ₦2,400,000 owó ilé ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù Kìíní. Nígbà tí ẹ bá san owó ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oṣù mọ́kànlá yòókù á máa dà bí ẹni pé wọ́n lérè gan-an, nítorí pé ₦200,000 tó yẹ kí ẹ yọ sọ́tọ̀ lóṣooṣù ṣì wà lójú.

Wọn kò ní ìwé àkọsílẹ̀ tó ṣe é gbára lé. Ohun tí mo wá ni àwọn tó ti bá wọn kọ ọ́ láìmọ̀. Bánkì ni àkọ́kọ́, nítorí pé ó ju ìdajì àwọn oníbàárà Gáríkì lọ tó ń sanwó pẹ̀lú tiránsífà tàbí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì. Ìkejì ni alápatà tó ń gbé ẹran wá láràárọ̀. Òun ní ìwé, nítorí pé ọjọ́ Sátidé ló máa ń gbowó ọ̀sẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn. Gbogbo kílò ẹran tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà fún ọdún kan àbọ̀ wà nínú ìwé yẹn, pẹ̀lú déètì. Mo fi owó tó wọlé lọ́jọ́ kan ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi kílò ẹran ọjọ́ kan náà ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ iṣẹ́ kan sì ń kọ owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ sílẹ̀ ní alaalẹ́ kí wọ́n tó ná nínú rẹ̀.

Ohun tó jáde ni pé, tí a bá pín in dọ́gba, àwo 120 tí a sanwó lé lórí ni wọ́n ń tà lójúmọ́, ọjọ́ 25 lóṣù. Àwo kan jẹ́ àmàlà méjì, ọbẹ̀ àti ẹran kan, ₦2,200. Nítorí náà, ₦6,600,000 ló ń wọlé lóṣù. Owó ńlá ni, òun náà ló sì ń tan ojú jẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú olórí ìdáná wọn se oúnjẹ, a sì wọn gbogbo rẹ̀. Kílò ẹran kan, ₦7,200, gé sí ẹyọ 12 tó dára lójú, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ránṣẹ́ padà. Ẹyọ kan wá jẹ́ ₦600. Tí a bá fi èlùbọ́ kún un, ata, epo, ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, ewédú, gáàsì, ọṣẹ àti omi, àwo kan kò yẹ kó ju ₦1,300 lọ. Ó yẹ kí ₦900 ṣẹ́kù lórí àwo kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n tí a bá pín owó tí wọ́n ná gan-an lórí ohun èlò sórí iye àwo tó mówó wọlé, ₦1,620 ni. ₦320 ń lọ síbì kan lórí gbogbo àwo, àwo 3,000 lóṣù. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ sọ pé wọ́n ń jalè ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán kì í ṣe òun ló pọ̀ jù. Ìwé alápatà fi hàn pé kílò ẹran 12 àbọ̀ ni wọ́n ń rà lójúmọ́. Àwo 120 kò gbà ju kílò 10 lọ. Kílò méjì àbọ̀ tó lé yìí, ₦18,000 lójúmọ́ ni, ₦450,000 lóṣù. Ẹran tí wọ́n gé tóbi wà nínú rẹ̀, nítorí pé ojú ni wọ́n fi ń gé e, ọwọ́ ẹni tó bá sì wà nídìí ẹran lọ́jọ́ náà ló ń sọ bó ṣe máa tóbi tó. Ẹyọ tí wọ́n fi ṣe jàrá fún oníbàárà wà níbẹ̀, èyí tí ọmọ iṣẹ́ bù sẹ́nu wà níbẹ̀. Ìyókù ₦320 náà pín sórí èlùbọ́ tí ìgbakọ rẹ̀ kò dọ́gba, ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà nù lálẹ́, àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rà ní díẹ̀díẹ̀ lójú pópó nígbà tí èrò bá ti pọ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù lórí àwo kan wá di ₦580. Ìlọ́po 3,000 rẹ̀ jẹ́ ₦1,740,000. Owó tí wọ́n á san lóṣù, bí wọ́n tà bí wọn kò tà, ìyẹn owó ilé, owó oṣù ọmọ iṣẹ́ méje, epo jẹnẹrétọ̀, iná, omi, kíkó ìdọ̀tí àti àtúnṣe, jẹ́ ₦1,000,000 géérégé. Ó ku ₦740,000. Mo wá bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń san fún ara wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń san owó oṣù fún ara rẹ̀ nínú ọjà ara rẹ̀. Mo ní ẹni tí wọ́n bá gbà láti máa jí láago mẹ́rin àárọ̀, kó máa ra ọjà, kó máa dúró ti ìkòkò títí alẹ́, kò ní gbà kó dín ní ₦250,000. Iṣẹ́ wọn ló ń mú ìyẹn wá. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù gan-an ń pa jẹ́ ₦490,000.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Ṣakí

Ìwé alápatà tún ní nǹkan kan nínú tí n kò wá lọ, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù márùn-ún ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sin ìyá ọkọ wọn ní Ṣakí. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni wọn kò sí ní Gáríkì. Olórí ìdáná ló dúró fún wọn, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ lálaalẹ́ láìyẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ra aṣọ fún un. Ohun tí wọ́n rántí ni pé "ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yá nígbà tí mi ò sí."

Mo ṣí ojú ewé ọjọ́ mẹ́sàn-án náà. Kílò 12 àbọ̀ ni alápatà ń gbé wá lójúmọ́, kò dín, kò lé. Owó tó wọlé lójúmọ́ jẹ́ ti àwo 97. Tí ọjà kò bá yá lóòótọ́, ó yẹ kí ẹran ṣẹ́kù sínú fírísà, kí wọ́n sì dín ohun tí wọ́n ń rà kù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n bá ẹran nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ronú, wọ́n ní fírísà ṣófo, àwọn tiẹ̀ ra ẹran ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn dé. Ẹran náà jáde, owó rẹ̀ ni kò wọlé.

Mi ò lè fi gbogbo àwo 23 náà sí orí ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ṣe ń wá, tí wọn kò bá rí wọn, wọ́n á kọjá síbòmíì. Àwọn tó gba àwìn wà, àwọn tó fi àláàtì bánkì tí kì í ṣe òótọ́ hàn lórí fóònù nígbà tí èrò pọ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kó fà á, iye tí àìsí níbẹ̀ wọn ń ná ṣọ́ọ̀bù yẹn ti di mímọ̀: àwo 23 lọ́nà ₦2,200, ₦50,600 ní ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé èyí lọ sí Kúbwà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi bí wọ́n ṣe máa ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta ní Gáríkì, ọjọ́ mẹ́ta ní Kúbwà. Ìyẹn ni pé fún ọjọ́ 12 lóṣù, wọn kò ní sí ní Gáríkì. ₦50,600 lọ́nà 12 jẹ́ ₦607,200. Kò sẹ́ni tó kọ iye yìí sínú ìnáwó Kúbwà. Nínú ìwé tí ọkọ wọn kọ, ohun tó wà níbẹ̀ ni owó ilé ₦1,800,000, ti éjẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì ₦360,000, àga, tábìlì, ìkòkò, fírísà, jẹnẹrétọ̀ àti kíkun ilé ₦3,200,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦5,360,000. Mo fi ₦1,200,000 kún un fún oṣù méjì àkọ́kọ́ tí oníbàárà kò tíì mọ ọ̀nà. Owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ₦4,200,000, wọ́n fẹ́ yá ìyókù nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Owó tí Kúbwà máa gbà lóṣù, bí wọ́n tà bí wọn kò tà, tó ₦1,000,000, nítorí pé owó ilé rẹ̀ dín díẹ̀ ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní máníjà tí wọ́n ń sanwó fún. Tí ₦580 bá ń ṣẹ́kù lórí àwo bíi ti Gáríkì, wọ́n ní láti ta àwo 69 lójúmọ́ kí wọ́n tó kúrò nínú gbèsè. Tí ₦900 bá ń ṣẹ́kù, àwo 45 ti tó. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, òpópónà kan náà, oníbàárà kan náà. Bí wọ́n ṣe ń gé ẹran ní Gáríkì ló ń pinnu iye èèyàn tí Kúbwà gbọ́dọ̀ rí.

Èmi àti ọmọ wọn ọkùnrin lọ jókòó sí iwájú olóúnjẹ kan tó wà nítòsí ibẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Sátidé, a ń kà. Kúbwà kì í ṣe Gáríkì. Láàárọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti wọ mọ́tò lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín ìlú. Láti aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èèyàn 31 péré ló wọlé. Láti aago mẹ́fà àbọ̀ alẹ́ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn ta àwo 80 níbẹ̀ tí a bá pín in dọ́gba, ṣùgbọ́n ọjà alẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀ ni. Oúnjẹ tí wọ́n máa sè láago mẹ́ta ọ̀sán ni, kì í ṣe láago márùn-ún àárọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ wọ̀ padà sílé láago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó ń ṣe ọjà òwúrọ̀ ní Gáríkì kò lè tún ṣe tibẹ̀ kí ara rẹ̀ má wó.

Tí a bá fi àwo 80 ṣírò, pẹ̀lú ₦580, Kúbwà máa pa ₦160,000 lóṣù. Kí wọ́n tó rí ₦5,360,000 wọn padà, ó máa ju oṣù 33 lọ. Tí a bá sì yọ ₦607,200 tí Gáríkì máa pàdánù, ṣọ́ọ̀bù méjèèjì lápapọ̀ máa mú owó tó kéré sí èyí tí ẹyọ kan ń mú wá lónìí.

Ohun tí ọkọ wọn sọ

A jókòó lé e lórí ní ilé wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ wọn gbọ́ ìṣirò náà dé òpin, wọn kò jiyàn lórí owó rárá. Ohun tí wọ́n sọ yàtọ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, gbogbo oúnjẹ ilé yìí wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kì í ṣe tiwa. Ṣé o rántí 2025?" Lọ́dún náà, ìjọba Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé kan pa ní àárín ìlú, Gáríkì àti Wúsé wà nínú rẹ̀, nítorí owó ilẹ̀ ọdọọdún tí àwọn onílé kò san fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayálégbé tó ti san owó ilé rẹ̀ pé náà lè bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní bí irú rẹ̀ bá dé bá wa, Kúbwà ni a ó sá lọ.

Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fẹ́ kí ìṣirò mi bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní ewu yẹn wà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kejì tí wọ́n fi gbèsè dá sílẹ̀, tí kò tíì lè bọ́ ara rẹ̀, kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ti àkọ́kọ́ pa. Ohun tó lè gbà wọ́n sílẹ̀ ni owó oṣù mẹ́ta tó wà nílẹ̀, tí wọ́n á fi san ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n má tú ká títí wọ́n á fi rí ibòmíì. Mo sì ní kí wọ́n béèrè risíìtì owó ilẹ̀ lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó san ti ọdún tó ń bọ̀. Onílé kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ó mú un wá. Ó ti san án.

A fẹnu kò sí nǹkan méjì kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ Kúbwà. Àkọ́kọ́, kí oúnjẹ orí àwo kan má ju ₦1,450 lọ fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Ìkejì, kí ẹ̀gbọ́n mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí owó tó wọlé sì bá ẹran tó jáde mu. Èyí kejì ni mo mú lágídí. Ṣọ́ọ̀bù kejì kò ní rí ẹ̀gbọ́n mi lójoojúmọ́, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè mọ iye tí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ máa pa àfi ká wo iye tí àkọ́kọ́ ń pa nígbà tí wọn kò bá sí níbẹ̀.

Ẹran, tíkẹ́ẹ̀tì, ìkòkò kejì

Òṣùwọ̀n orí tábìlì ni a kọ́kọ́ rà. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń gé ẹran láàárọ̀, kílò kan sí ẹyọ 12, ó ń ka ẹyọ sínú abọ́ ńlá, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sára pátákó. Tútù ni a ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹran máa ń sún kì tó bá ti jinná, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó jinná á máa bá ara rẹ̀ jiyàn. Lálẹ́, iye ẹyọ tí wọ́n gé, tí a bá yọ èyí tó kù, gbọ́dọ̀ bá iye àwo tí wọ́n tà mu. Oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ di ohun tí a ń kà: láago mọ́kànlá àárọ̀, kí èrò tó dé, oníkálukú gba àwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹran kan. Tẹ́lẹ̀, wọn kò ní àsìkò oúnjẹ, ebi á máa pa wọ́n nídìí ìkòkò, ọwọ́ á sì máa lọ sẹ́nu. Mi ò lè bá ẹni tí ebi ń pa nídìí ẹran wí.

Èrò ọ̀sán fúnra rẹ̀ ya gbogbo wa lẹ́nu. A fi ọmọ kan sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, kó máa ju ọ̀kan sínú agolo nígbàkigbà tí ẹnì kan bá wo èrò tó sì yí padà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òkúta 26. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, 22. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ kí Jímọ̀, méjì péré. Èrò yẹn kò túmọ̀ sí pé ṣọ́ọ̀bù ti kéré jù, nítorí pé mo ka àga tó ṣófo nínú ilé ní àsìkò kan náà, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ohun tó há ni iwájú ìkòkò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bu àmàlà, tó ń bu ọbẹ̀, tó ń mú ẹran, tó sì tún ń dúró kí àláàtì oníbàárà wọlé kó tó fún un ní àwo. Àláàtì yẹn nìkan lè gba ìṣẹ́jú kan. Láàárín wákàtí kan àbọ̀ tí èrò fi máa ń pọ̀, kò lè ju àwo 60 lọ.

A gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà, a gba ọmọbìnrin kan tó mọ ìṣirò, ₦70,000 lóṣù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníbàárà ti ń sanwó kó tó dé iwájú ìkòkò. Tí owó bá wọlé, ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ ewé fún ẹran kan, pupa fún méjì. Ẹni tó ń bu oúnjẹ kò mọ ohun tó kan owó mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, àwo kan. Nígbà tí wọ́n bá parí lálẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí, ẹyọ ẹran tó jáde àti owó tó wọlé á wá máa jẹ́rìí síra wọn. Láàárín oṣù kan, òkúta inú agolo ti dín sí bí márùn-ún lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù.

Ti ọbẹ̀ rọrùn. Wọ́n ń se gbogbo gbẹ̀gìrì àti ewédú ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, gbẹ̀gìrì a sì máa kan kí alẹ́ tó lẹ́. Ní báyìí, ìdajì ni wọ́n ń sè láàárọ̀. Láago méjìlá, wọ́n á wo pátákó, kí wọ́n tó pinnu bí ìkòkò kejì ṣe máa tóbi tó.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ geerege. Àwọn oníbàárà àtijọ́ kan sọ pé ẹran ti kéré, mẹ́ta nínú wọn kò sì padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lórí ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ló ti ń jẹun níbẹ̀. A wá fi jàrá sínú ìṣirò, ẹyọ ẹran mẹ́fà lójúmọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi nìkan lè fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì funfun. Olórí ìdáná náà kọ̀ láti máa kọ nǹkan sára pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rò pé a ń ṣọ́ òun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí pé àwọn á máa fún un ní ìdá kan nínú gbogbo owó oúnjẹ tí wọ́n bá dín kù lóṣù, òun gan-an ló wá ń pariwo mọ́ ẹni tó bá gé ẹran tóbi. Oṣù Ramadan bọ́ sáàárín, ọjà ọ̀sán já wálẹ̀, a kò ka oṣù náà mọ́ mẹ́ta tí a dá. Bẹ́ẹ̀ náà la pinnu pé a kò ní ka Oṣù Kejìlá, nítorí pé Àbújá máa ń ṣófo tó bá ti kù díẹ̀ kí ọdún Kérésì dé.

Ní oṣù kẹta tí a kà, àwo 128 ni wọ́n ń tà lójúmọ́, oúnjẹ orí àwo kan jẹ́ ₦1,420. Kò dé ₦1,300 tí a rí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, n kò sì rò pé á dé láé, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ibi ìdánwò. Lẹ́yìn owó ilé, owó ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú ti ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà, àti ₦250,000 tí ẹ̀gbọ́n mi ń san fún ara wọn báyìí sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, ṣọ́ọ̀bù náà pa ₦1,176,000. ₦490,000 ló ń pa tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn, ₦686,000, ju ₦160,000 tí a ṣírò pé Kúbwà ì bá máa pa lóṣù lọ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó yáwó.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ṣakí fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 láti lọ ra èlùbọ́ fúnra wọn àti láti sinmi. Wọn kò gbọ́dọ̀ pe ṣọ́ọ̀bù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, èmi ni mo gbà á ní àdéhùn lọ́wọ́ wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, a tẹ́ ìwé alápatà, pátákó àti tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Àwo 121 lójúmọ́, kílò ẹran 10 àti díẹ̀. Àwo méje ló dín, ẹran náà sì dín pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣọ́ọ̀bù tí a wò ní Kúbwà nígbà yẹn ti di ilé ìtajà oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúlà mẹ́ta lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń tà lábẹ́ kánópì níwájú ilé ọ̀rẹ́ wọn kan, olórí ìdáná ló ń bójú tó o, tíkẹ́ẹ̀tì náà sì ń tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ la dá fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwo 74 lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 91 lọ́jọ́ Sátidé.